Bí a ṣe ń fi kálípà wọn ọ̀pá kékeré, tí a sì ń ka òǹkà rẹ̀ láìṣìnà

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Àjàṣẹ́, ohun tí a máa ń wọ̀n jù lọ ni ọ̀pá irin tó gba àárín táyà iwájú alùpùpù kọjá. Àwọn oní-sẹ́mìjàn tó ń ná ọ̀nà Pobè sí Kétu máa ń gbé e wá nígbà tí táyà wọn bá ń mì. Wọ́n á ti pààrọ̀ bíárìn, èyí tí a ń pè ní rúlúmáà níbí, síbẹ̀ mímì náà kò ní dáwọ́ dúró, nítorí pé ọ̀pá gan-an ló ti jẹ. Ojú lásán kò lè rí i. Rúlà ọmọ ilé-ìwé kò lè sọ ọ́, nítorí pé mìlímítà kan ni àmì tó kéré jù lórí rẹ̀, ohun tí a sì ń wá lára ọ̀pá yìí lè má tó ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà. Irinṣẹ́ tó lè sọ ọ́ ni pìyekulíìsì, tí àwọn ará wa ní ìhà Nàìjíríà ń pè ní fáníà kálípà. Kálípà ni n ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni n ó mú, n ó wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n ó sì dúró pẹ́ níbi kíka òǹkà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Ohun tó wà lára kálípà

Kálípà jẹ́ rúlà irin gbọọrọ kan, tí àmì mìlímítà wà lára rẹ̀ láti òdo títí dé 150. Ẹnu kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rúlà náà tí kì í kúrò lójú kan, ẹnu kejì sì wà lára apá tó ń sún síwá sẹ́yìn. Ẹnu ńlá méjì tó kọjú sí ara wọn nísàlẹ̀ ni a fi ń gbá ìta nǹkan mú. Àwọn ẹnu kéékèèké tó wà lókè wà fún inú ihò, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ jáde ní ìdí rúlà sì wà fún jíjìn ihò. Bóòtù kékeré kan tún wà lórí apá tó ń sún, tí a fi ń dè é kó má baà yẹ̀. Fún iṣẹ́ tòní, ẹnu ńlá àti bóòtù yìí nìkan ni a nílò.

Ẹ wá wo apá tó ń sún náà dáadáa. Àwọn àmì kan wà lórí rẹ̀ tó jọ ti mìlímítà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe mìlímítà. Àwọn ni fáníà, orúkọ tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ Píẹ̀ Fẹnìyé, ọkùnrin kan láti ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ tó jẹ́ Faransé lónìí, ẹni tó gbé ọgbọ́n náà jáde ní 1631. Lórí kálípà tèmi, wọ́n mú gígùn tó jẹ́ mìlímítà 19, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà 20 tó dọ́gba. Nítorí náà, àlàfo kọ̀ọ̀kan lórí fáníà jẹ́ 0,95 mm, ó sì fi 0,05 mm kéré sí àlàfo orí rúlà. (Kọ́mà ni mo ń lò níbi tí àwọn kan ń lo àmì ìdúró, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀.)

Ẹ fojú inú wo àgbàlagbà kan àti ọmọdé kan tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti ojú kan náà, tí wọ́n sì jọ ń gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbàlagbà ń gbé mìlímítà kan ní ìgbésẹ̀ kan, ọmọdé ń gbé 0,95. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan, ọmọdé ti fi 0,05 rẹ̀yìn. Lẹ́yìn méjì, 0,10. Lẹ́yìn ogún, ó ti fi odindi mìlímítà kan rẹ̀yìn. Bí a bá wá ti ọmọdé síwájú díẹ̀ kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ kan á wà tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì á bọ́ sí ojú kan náà. Bí ó bá jẹ́ ní ìgbésẹ̀ kẹta ni wọ́n pàdé, a mọ̀ pé 0,15 ni a fi tì í síwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáníà ń ṣe: ìwọ̀n tó ṣẹ́kù lẹ́yìn mìlímítà kíkún ló ti fáníà síwájú, àmì tó bá àmì orí rúlà mu sì ni ìgbésẹ̀ tí wọ́n ti pàdé.

Kì í ṣe gbogbo kálípà ló rí báyìí. Àwọn kan pín mìlímítà 39 sí ogún, kí àmì wọn lè fẹ̀ síra fún ojú láti rí, wọ́n sì ń ka 0,05 bíi tèmi. Àwọn kan pín 49 sí àádọ́ta, ìyẹn ń ka 0,02. Àwọn àtijọ́ pín 9 sí mẹ́wàá, tí wọ́n ń ka 0,1. Ẹ má méfò: wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára apá tó ń sún, bóyá `0,05 mm` tàbí `1/20`. Ẹni tó bá ka kálípà 1/50 bí ẹni pé 1/20 ni, òǹkà rẹ̀ kò ní ṣeé gbára lé.

Kí a tó gbá ọ̀pá mú: ẹ wo òdo

Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu inú ẹnu ńlá méjèèjì. Ẹ pa wọ́n dé jẹ́jẹ́ láìsí nǹkan kan láàárín wọn, kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kí ẹ wo ibi tí ẹnu méjèèjì ti pàdé. Kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ gba àárín wọn kọjá. Bí ẹ bá rí ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ibì kan, tí ẹ tún nù ún tí kò lọ, irin ẹnu náà ti jẹ níbẹ̀. Kálípà bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fọkàn tán fún nǹkan kékeré, nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ kò ní dọ́gba láti orí ẹnu dé ìdí rẹ̀, kò sì sí iye kan ṣoṣo tí a lè yọ kúrò tó máa tún un ṣe.

Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá kọjá, ẹ wo òdo fáníà àti òdo rúlà. Bí méjèèjì bá dúró lójú kan náà, kò sí àṣìṣe òdo. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bá pa á dé, òdo fáníà máa ń wà ní ọ̀tún òdo rúlà díẹ̀, àmì àkọ́kọ́ lẹ́yìn òdo fáníà ló sì máa ń bá àmì rúlà mu. Ìyẹn ni pé kálípà náà ń sọ pé 0,05 ni nígbà tí kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Àṣìṣe òdo rẹ̀ jẹ́ +0,05, mo sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo òǹkà mi. Mo ti kọ ọ́ sórí àpótí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní àràárọ̀, nítorí bí kálípà bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, iye náà lè yí padà.

Ti òdì kejì máa ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú. Bí òdo fáníà bá wà ní òsì òdo rúlà nígbà tí ẹnu pa dé, àmì tó máa bá rúlà mu á wà nítòsí òpin fáníà. Ká ní èyí tó wà láàárín 9 àti 10 ni, a kò ní sọ pé àṣìṣe òdo jẹ́ 0,95. Òdo ti fi ìwọ̀nba díẹ̀ kù kó dé ààyè rẹ̀, nítorí náà 0,95 dín 1 ni, ìyẹn −0,05. Bí a bá yọ −0,05 kúrò nínú òǹkà, a ti fi 0,05 kún un nìyẹn.

Gbogbo ohun tí a máa ṣe lẹ́yìn èyí wà nínú ìlà kan:

```
ìwọ̀n = mìlímítà kíkún + (iye àmì fáníà × 0,05) − àṣìṣe òdo
```

Gbígbá ọ̀pá mú

Ọ̀pá tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ wá láti ara alùpùpù bàbá kan tó ń gbé èrò ní Kétu. Gírísì dúdú àti iyanrìn pupa ló bò ó. A fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, a nù ún gbẹ, a sì fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò kiri, nítorí pé etí irin mímú kékeré kan tó bá yọ jáde lára ọ̀pá lè gbé ẹnu kálípà sókè, kí ó sì fi 0,10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún òǹkà. Bí a bá bá irú rẹ̀ pàdé, òkúta ìpọ́nbẹ tó kúnná ni a fi ń pa á rẹ́, kì í ṣe fáìlì tó máa jẹ ara ọ̀pá fúnra rẹ̀.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá oòrùn tó pa irin náà kò ní yí ìwọ̀n padà. Fún ọ̀pá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, bí ó tilẹ̀ fi ọgbọ̀n dígírì gbóná ju bó ti yẹ lọ, ohun tó fi máa wú kò ju nǹkan bíi 0,004 mm lọ, kálípà kò sì lè rí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà di gidi bí irin bá tóbi: irin mìlímítà 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ tọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin róbótó, tó fi ọgọ́ta dígírì gbóná ju bó ti yẹ lọ, lè fi 0,07 mm ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí irú ìyẹn tutù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ẹ ṣí ẹnu kálípà ju ọ̀pá lọ díẹ̀, kí ẹ gbé ọ̀pá wọ inú rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó sún mọ́ rúlà, kì í ṣe ní ṣóńṣó ẹnu. Ìdí rẹ̀ ni pé apá tó ń sún kò fún mọ́ rúlà pátápátá. Ó ní ààyè díẹ̀ tí ó fi ń yọ̀. Bí a bá fún ọ̀pá ní ṣóńṣó ẹnu, apá náà á dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bí ọ̀pá bá sì ṣe jìnnà sí rúlà tó ni àṣìṣe tí dídàgẹ̀rẹ̀ yìí ń fà á ṣe pọ̀ tó. Nítorí kan náà ni kò fi yẹ kí a fún un le. Ẹ fi àtàǹpàkò ti apá náà títí tí ẹ óò fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ẹnu méjèèjì ti kan ọ̀pá, kí ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀pá náà lẹ́nu kálípà, ó yẹ kó yí, kó sì máa ra ẹnu kálípà díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá yí, ẹ ti fún un jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mi kálípà díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì ní gígùn ọ̀pá. Nígbà tí ó bá dà gẹ̀rẹ̀, ọ̀pá náà á tì í ṣí, òǹkà á sì pọ̀ sí i. Nígbà tí ó bá dábùú ọ̀pá gan-an, òǹkà á kéré jù. Ibi tí ó ti kéré jù yẹn ni òótọ́ fún ìta nǹkan. Ẹ ṣọ́ra kí ẹnu kálípà kọjá àárín ọ̀pá, nítorí bí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan bá kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, ẹ ó rí òǹkà tó kéré ju òtítọ́ lọ, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín pé ẹ ti ṣì í. Nígbà tí ó bá ti dúró dáadáa, ẹ dè é pẹ̀lú bóòtù rẹ̀, kí ẹ sì kà á lójú ibẹ̀, kí ọ̀pá náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe.

Kíka òǹkà

Ibi àkọ́kọ́ tí a wọ̀n ni ìpẹ̀kun ọ̀pá náà, níbi tí bíárìn kì í dé, tí ó sì ṣì ń dán. Òdo fáníà dúró lórí 12 rúlà. Ṣùgbọ́n ojú kò tó láti sọ bóyá ó wà lórí rẹ̀ gan-an tàbí ó fi díẹ̀ kù. Fáníà ló máa sọ ọ́. Mo wo ìpẹ̀kun fáníà lọ́hùn-ún: àmì 10 náà bá àmì rúlà mu. Nígbà tí òdo àti 10 fáníà bá jọ bá àmì mu lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun tó ṣẹ́kù lórí mìlímítà kíkún. 12,00 ni òǹkà. Mo yọ àṣìṣe òdo mi kúrò: 12,00 − 0,05 = 11,95 mm.

Ibi kejì ni ojú ibi tí bíárìn máa ń jókòó lé. Níbẹ̀, òdo fáníà ti kọjá 11, kò sì tíì dé 12. Nítorí náà mìlímítà kíkún jẹ́ 11. Ìyẹn nìkan ni òdo fáníà wà fún. Ẹ kọ 11 sílẹ̀ kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ wá àmì tó pàdé máa ń gbàgbé ibi tí òdo wà.

Lẹ́yìn náà, mo tẹ̀lé fáníà láti òsì lọ sí ọ̀tún, mo ń wá àmì tó bá àmì rúlà mu bí ẹni pé ìlà kan ṣoṣo ni. Àmì 8 ni. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí fáníà tèmi ń lọ láti 0 dé 10, ó sì jẹ́ ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá mìlímítà. Àmì tí kò ní nọ́ńbà láàárín nọ́ńbà méjì ń fi 0,05 kún èyí tó wà ní òsì rẹ̀. Nítorí náà 8 jẹ́ 0,80. Bí ẹ bá ka àmì náà láti òdo, ìkẹrìndínlógún ni, 16 × 0,05 sì jẹ́ 0,80. Ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Àmì 8 yìí bá àmì 27 orí rúlà pàdé. Ẹ má ka 27 náà sí rárá. Kì í ṣe ara ìwọ̀n. Ibi tí ọmọdé àti àgbàlagbà ti bọ́ sí ojú kan ni lásán. Mo ti rí ẹni tó kọ 27,8 sílẹ̀ fún ọ̀pá tí kò tó ìka ọwọ́.

Nígbà mìíràn, ojú á máa rò pé àmì méjì tàbí mẹ́ta ló jọ bára mu. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ ni pé mo ń wo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí 8 bá jẹ́ òótọ́, àmì tó wà ní òsì rẹ̀ á yọ díẹ̀ sí ọ̀tún àmì rúlà tirẹ̀, àmì tó wà ní ọ̀tún rẹ̀ á sì yọ díẹ̀ sí òsì àmì rúlà tirẹ̀. Àwọn méjèèjì á fara sún mọ́ 8, bí ẹni méjì tó jókòó ti àgbàlagbà tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, sísún náà á sì dọ́gba. Bí ti ẹ̀gbẹ́ kan bá pọ̀ ju ti èkejì lọ, àmì tí ẹ mú kọ́ ni, ẹ sún lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ wò ó lójú gan-an, kí orí yín dúró tààrà lókè àmì náà, nítorí pé ojú fáníà ga díẹ̀ ju ojú rúlà lọ. Ẹni tó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ á rí àmì mìíràn tó ń bára mu.

Òǹkà jẹ́ 11,80. Mo yọ 0,05: 11,75 mm.

Mo wá yí ọ̀pá náà ní ìdá mẹ́rin àyíká, mo sì tún wọ̀n ojú ibi kan náà. Mo gbé kálípà fún ọmọ iṣẹ́ mi kó kà á. Ó wò ó pẹ́.

"Ọ̀gá, 12,95 ni mo rí."

"Òdo fáníà ńkọ́? Ṣé ó ti kọjá 12 ni?"

"Ó dà bíi pé orí 12 ló wà, ọ̀gá."

Kò parọ́ nípa ohun tó rí. Òdo fáníà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 12, àmì tó bára mu sì ni èyí tó wà láàárín 9 àti 10. Ṣùgbọ́n nǹkan méjèèjì kò lè jẹ́ 12,95 láéláé. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ 12,95, òdo fáníà ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 13. Nígbà tí òdo bá dúró nítòsí àmì kan, tí àmì tó bára mu sì wà ní òpin fáníà, bíi 9 tàbí 9 àti ààbọ̀, òdo kò tíì dé àmì yẹn, a ó sì ka mìlímítà tó ṣáájú rẹ̀. Bí àmì tó bára mu bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fáníà, bíi èyí tó tẹ̀ lé òdo tàbí 1, òdo ti kọjá, a ó sì ka àmì yẹn gan-an. Nítorí náà òǹkà jẹ́ 11,95, ìwọ̀n sì jẹ́ 11,95 − 0,05 = 11,90 mm.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ó ti ná mi lówó rí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi fúnra mi ka 12,95 fún ọ̀pá tó jẹ́ 11,95, mo sì ní kí tọ́nà kan yí búsì bàbà, òrùka tó ń wọ ọ̀pá lára, fún un gẹ́gẹ́ bí ohun tí mo kọ. Búsì náà dé, ó rẹwà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi í sí ọ̀pá, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì. Bàbà náà ṣòfò, tọ́nà sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí mo ti wí. Láti ìgbà náà, n kì í fi òǹkà kankan ránṣẹ́ láì fi rúlà lásán wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí n rí i pé mìlímítà kíkún tí mo kọ kò yàtọ̀ sí ohun tí rúlà sọ. Rúlà kò lè rí 0,05, ṣùgbọ́n ó lè rí odindi mìlímítà kan tó sọnù.

Àṣìṣe mìíràn tó jọ ọ́ ni ti ẹni tó ń ka etí irin tí wọ́n fín fáníà sí dípò àmì òdo. Etí náà wà ní mìlímítà díẹ̀ sí òsì òdo. Bí gbogbo òǹkà ẹnì kan bá ń kéré jù pẹ̀lú iye mìlímítà kan náà nígbà gbogbo, ẹ wo ibi tí ìka rẹ̀ ń tọ́ka sí nígbà tó bá ń kà á.

A wọ̀n ojú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a sì ń ṣí ẹnu kálípà pátápátá láàárín ìkan àti èkejì. Bí òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi ju àmì fáníà kan lọ yàtọ̀ síra, ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ni ẹjọ́ wà, tàbí ìdọ̀tí. Ti ọ̀pá yìí kò yẹ̀.

Ohun tí òǹkà yìí sọ nípa ọ̀pá náà

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bíárìn rẹ̀ ni 6201. Ihò irú bíárìn bẹ́ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, ìbú ìta rẹ̀ jẹ́ 32, ó sì nípọn ní mìlímítà 10. Ibi tó dán lára ọ̀pá jẹ́ 11,95, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín òun àti ihò bíárìn jẹ́ 0,05. Ní ojú ibi tí bíárìn jókòó, 11,75 ni ní ìhà kan, 11,90 ní ìhà kejì. Àlàfo ti di 0,25 ní ìhà kan, 0,10 ní ìkejì. Ọ̀pá náà kò rí róbótó mọ́ níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ yé wa: ọ̀pá yìí kì í yí pẹ̀lú táyà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan náà ló ń gba ẹrù nígbà gbogbo, bí òrùka inú bíárìn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa jẹ. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní ìhà kan ṣoṣo lè bọ́ sí 11,90, kó sì dá ọ̀pá náà padà pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ kíyè sí ohun kan nípa àṣìṣe òdo níhìn-ín. Bí ó bá jẹ́ pé iye tí irin fi jẹ nìkan ni a ń wá, ìyẹn 11,95 dín 11,75, tó jẹ́ 0,20, àṣìṣe òdo kì bá ti dí wa lọ́wọ́, nítorí ó wà nínú òǹkà méjèèjì, ó sì ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nígbà tí a yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ fi ọ̀pá wé bíárìn, tí kì í ṣe kálípà wa ló wọ̀n ọ́n, a gbọ́dọ̀ ti tún òǹkà ṣe kí a tó fi wé e.

Bóyá ẹnì kan á sọ pé kí ló dé tí a kò fi ẹnu kékeré kálípà wọn ihò bíárìn náà. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ẹnu kékeré yẹn ní etí pẹlẹbẹ díẹ̀, nínú ihò róbótó tó kéré, etí pẹlẹbẹ náà kì í kan ogiri ihò ní ojú tó fẹ̀ jù, nítorí náà òǹkà máa ń kéré ju òtítọ́ lọ. Fún ihò mìlímítà 12, mo gba ohun tí nọ́ńbà bíárìn sọ gbọ́ ju ohun tí ẹnu kékeré kálípà mi sọ lọ.

Bíárìn tuntun tún wúlò lọ́nà mìíràn fún ẹni tí kò ní irin ìdíwọ̀n pàtàkì. Ìbú ìta bíárìn 6201 tó dára kò ju 32,00 lọ, kò sì fi ju nǹkan bíi 0,01 lọ dín sí i. Nítorí náà, bí mo bá gbá ìta bíárìn tuntun mú, kálípà mi tó ní àṣìṣe òdo +0,05 gbọ́dọ̀ sọ 32,05. Bí ó bá sọ 32,15, nǹkan mìíràn ti bà jẹ́ lára rẹ̀ yàtọ̀ sí òdo, bóyá rúlà ti tẹ̀ tàbí apá tó ń sún ti tú jù. Ẹ má fi nínípọn bíárìn ṣe àyẹ̀wò yìí, nítorí wọ́n fàyè gbà á láti fi ohun tó ju 0,10 lọ kéré sí 10. Kí bíárìn náà sì jẹ́ ojúlówó. Ayédèrú ń bẹ lọ́jà.

Fún ọ̀pá bàbá ará Kétu, ìdáhùn kò nira: a pààrọ̀ rẹ̀. 0,25 ju ohun tí kálípà lè ṣì kà lọ, nítorí náà kò sí iyèméjì. Ì bá ṣe pé iṣẹ́ náà ń béèrè bóyá ọ̀pá jẹ́ 11,99 tàbí 12,00, irú èyí tí a máa ń fi òòlù gbá wọlé, n kì bá ti dá a pẹ̀lú kálípà yìí. Àmì rẹ̀ tó kéré jù jẹ́ 0,05, ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀ sì lè fi tó bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Mìkírómítà, tí àwọn tọ́nà wa ń pè ní pálímẹ̀, ni ó ń ka 0,01, ọ̀dọ̀ tọ́nà ni mo sì máa ń gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọ̀pá tuntun tó wọlé, a wọn òun náà ní ojú ibi mẹ́ta, ní ìhà méjì, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n tà ní ọjà Wàńdó gẹ́gẹ́ bí mìlímítà 12 ló jẹ́ 12. Èyí tí a rà jẹ́ 11,95 níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà, a nu kálípà, a fi aṣọ tó ní epo díẹ̀ pa á lára nítorí ọ̀rinrin tó ń wá láti ojú ọ̀sà, a ṣí ẹnu rẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà kan kí ẹnu méjèèjì má baà tẹ ara wọn, a sì tú bóòtù rẹ̀ kí a tó dá a padà sínú àpótí.